Mílíìkì tútù lórí iná: kí ó má jó nísàlẹ̀, kí ó má hó dànù lókè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dọ̀ àwọn ìyá Fúlàní ní Ìgbọ̀nà ni mo ti ń ra mílíìkì tútù fún àwọn ọmọ, lítà 2 lẹ́ẹ̀kan. Iná gáàsì ni mo fi ń sè é, nínú ìkòkò sitéènlẹ́ẹ̀sì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Bí kò bá jó mọ́ ìdí ìkòkò, á hó dànù sórí sítóòfù kí n tó yíjú padà. Báwo ni kí iná ṣe mọ, irú ìkòkò wo ló dáa, ṣé dandan ni kí n máa rò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin? (Ìyá ọmọ mẹ́ta, Òkèfìà, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, mà. Ìkòkò yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹ wá ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, tó lè gba lítà 5, kí ẹ sì jẹ́ kí iná rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ní ti rírò, ẹ lè máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti gbóná kọjá ohun tí ọwọ́ lè gbà, ẹ ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ mọ́.

Jíjó nísàlẹ̀ àti híhó dànù lókè, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Omi ló pọ̀ jù nínú mílíìkì màlúù, nǹkan bí 87 nínú 100. Ìyókù ni ọ̀rá, ṣúgà tó jẹ́ tirẹ̀, àti purotéènì. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 70°C, apá kan nínú purotéènì yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò bí ìpele fẹ́lẹ́ kan. Ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́, mílíìkì tuntun kò ráyè kan irin níbẹ̀ mọ́ láti gbé ooru kúrò, nítorí náà ooru á kó jọ sábẹ́ ìpele yẹn, purotéènì àti ṣúgà á jọ pọ́n, wọ́n á sì dúdú. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn.

Lókè ńkọ́? Bí omi ṣe ń gbẹ lójú mílíìkì, purotéènì àti ọ̀rá á kó jọ di awọ. Èéfín omi tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ á bá awọ yìí lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ omi lásán ni, ìfófòó rẹ̀ á bẹ́ ní kété tó bá dókè. Ti mílíìkì kì í tètè bẹ́, nítorí purotéènì ti bo ara ìfófòó náà, ó gbé e ró. Ọ̀kan á gun orí èkejì, awọ á sì máa gbé gbogbo wọn sókè lẹ́ẹ̀kan náà títí tí wọ́n á fi dé ẹnu ìkòkò. Ìdí nìyí tó fi máa ń dà bíi pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀, tó sì jẹ́ pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó ti dànù.

Ẹ wá wo ìkòkò yín. Irin fẹ́lẹ́ máa ń gbóná jù níbi tí ojú iná bá ti kàn án gan-an, ibi tó kù á sì tutù. Bí ẹ bá fọ ìkòkò tó jó, ẹ máa rí i pé òrùka dúdú ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, ó rí bákan náà pẹ̀lú òrùka ihò iná gáàsì. Ìkòkò irin nípọn tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń yọ́ alumíníọ́ọ̀mù ṣe ló dáa jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí ó máa ń pín ooru kiri gbogbo ìdí rẹ̀. Ẹ yan èyí tí inú rẹ̀ jọ̀lọ̀, torí èyí tó rí ṣákaṣàka máa ń di èérí àná mú. Ẹ má sì lo èyí tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ ata o. Ọ̀rá mílíìkì máa ń gba òórùn, àwọn ọmọ yóò sì mọ̀ lẹ́nu. Ìkòkò tánganran kò yẹ, ó fẹ́lẹ́, ibi tó bá sì ti bó lára rẹ̀ ni mílíìkì máa kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ ti sitéènlẹ́ẹ̀sì yẹn nìkan ló wà nílé, ẹ gbé àwo irin pẹlẹbẹ tó nípọn tàbí páànù irin àtijọ́ kan sórí iná, kí ẹ gbé ìkòkò lé e lórí. Yóò pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n iná kò ní máa gún ojú kan mọ́.

Ní ti bó ṣe yẹ kó tóbi tó, mílíìkì kò gbọdọ̀ kọjá ìdajì ìkòkò. Ìyẹn ni mo ṣe sọ lítà 5 fún lítà 2 yín. Àyè tó ṣófo lókè yẹn ló máa fún yín láǹfààní láti na ọwọ́ pa iná kí ó tó dé ẹnu. Ẹ má sì dé ìkòkò nígbà tó bá wà lórí iná. Ìdérí máa ń há èéfín mọ́lé, á sì tún bo ohun tó yẹ kí ojú yín máa wò.

Kí ẹ tó gbé e kaná, ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ mílíìkì náà, nítorí irun màlúù àti ìdọ̀tí tó bá rọ̀ sísàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jó. Lẹ́yìn náà, ẹ sè ṣíbí méjì péré nínú rẹ̀ lọ́tọ̀. Bó bá já sí ṣíṣú ṣíṣú, ó ti kan nínú igbá kí ẹ tó rà á, kò sí bí ẹ ṣe lè rẹ iná sílẹ̀ tó tí lítà 2 náà kò ní já. Mílíìkì tí wọ́n fún ní ìdájí tó sì wà nínú oòrùn títí di ọ̀sán máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bí ti inú ṣíbí kò bá já, ó yá.

Ẹ da omi tútù díẹ̀ sínú ìkòkò, ẹ yí i kárí ìdí rẹ̀, ẹ dà á nù láìnu ún gbẹ, kí ẹ tó da mílíìkì sí i. Omi tó kù lára irin yẹn á dín lílẹ̀ kù níbẹ̀rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ kékeré ni o, kò lè dípò iná tó mọ níwọ̀n. Ẹ lo ojú iná kékeré lórí sítóòfù yín, tàbí kí ẹ rẹ ojú iná ńlá sílẹ̀ títí tí ahọ́n iná á fi wà lábẹ́ ìkòkò nìkan. Bí ẹ bá rí i tó ń lá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó ti pọ̀ jù. Mílíìkì tó bá ta sí ara ẹ̀gbẹ́ yẹn á gbẹ, á sì jó, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ lẹ ń ṣọ́. Pẹ̀lú iná yìí, lítà 2 á gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 25 kó tó hó. Ẹni tó bá fi iná ńlá sè é ní ìṣẹ́jú 8 ń fi mílíìkì ṣeré. Fún ẹni tó ń lo èédú, kí èédú kọ́kọ́ pọ́n tán pátápátá, kí ẹ wá fi eérú bo ojú rẹ̀ kí ẹ tó gbé ìkòkò kà á.

Omorógùn tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ lẹ máa lò, ṣíbí tó rí róbótó kì í kan ìdí ìkòkò dáadáa. Ní bí ìṣẹ́jú 8 àkọ́kọ́, ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá ti ń rú èéfín, tí ìka kò lè dúró nínú rẹ̀ mọ́, ẹ dúró tì í. Ẹ fi ẹnu omorógùn nu ìdí ìkòkò láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, jẹ́jẹ́, kí ẹ sì rí i pé ó ń dé kọ̀rọ̀ tí ìdí àti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ti pàdé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Ẹ má lù ú bí ẹni ń lu ẹyin, nítorí afẹ́fẹ́ tí ẹ bá lù sí i á tún di ìfófòó sí i. Rírò yìí ni kì í jẹ́ kí purotéènì jókòó sísàlẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí awọ dì lókè.

Ẹ wá fojú sí etí ìkòkò. Ìfófòó wínníwínní, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, á kọ́kọ́ tò yí etí ká, àárín á ṣì dákẹ́. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ nìyẹn; ẹ má lọ dáhùn fóònù. Lẹ́yìn náà àwọn ìfófòó yẹn á tóbi, wọ́n á máa rìn bọ̀ láàárín, ojú mílíìkì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bó bá ti wú, ẹ pa iná tàbí kí ẹ gbé ìkòkò kúrò. Lórí èédú, gbígbé kúrò nìkan ló lè gbà yín, nítorí náà kí aṣọ ìgbékòkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ó máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ tún dá a padà sórí iná tó kéré jù, kí ó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 1 sí 2, ẹ ṣì ń rò ó. Ẹ má fo apá yìí o. Mílíìkì tútù lè gbé kòkòrò burusẹlósíìsì, àrùn ibà tí ènìyàn ń kó lára màlúù, àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, wíwú lásán kò sì fi hàn pé gbogbo rẹ̀ ti gbóná dọ́gba. Híhó yẹn kárí ló ń pa wọ́n. Sísè é títí fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn náà kò ṣe àǹfààní kankan, àwọ̀ rẹ̀ á kàn yí padà, ìdí á sì tún jó.

Àwọn kan máa ń gbé ṣíbí onígi dábùú ẹnu ìkòkò, wọ́n á lọ. Ó máa ń bẹ́ ìfófòó díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí iná bá pọ̀ tàbí tí ṣíbí náà bá ti gbóná, mílíìkì á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò sì lè ṣe nǹkan kan sí ìsàlẹ̀ tó ń jó. Bákan náà, ṣúgà tí ẹ bá fẹ́ fi sí i, ìgbà tó bá ti kúrò lórí iná ni kí ẹ fi sí i.

Bí omorógùn bá ṣàdéédé bẹ̀rẹ̀ sí í há, bíi pé ó ń gba orí nǹkan tó lẹ̀ kọjá, ó ti ń mú nísàlẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ọwọ́ máa fẹ́ ṣe ni kó ha á kúrò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Bí ẹ bá ti ha á, ẹ ti pò ó mọ́ gbogbo mílíìkì, òórùn rẹ̀ kò sì ní kúrò mọ́. Ẹ gbé e kúrò lórí iná lójú ẹsẹ̀, ẹ rọra da mílíìkì sínú ìkòkò mìíràn láìkan ìsàlẹ̀, kí ẹ sì parí rẹ̀ níbẹ̀ lórí iná tó kéré sí i. Ẹ tọ́ ọ wò. Bó bá jẹ́ òórùn díẹ̀ ló wà, ó ṣì ṣeé lò nínú ògì. Bí ẹ bá rí èérún pípọ́n tó léfòó, aṣọ lè sẹ́ èérún náà, àmọ́ adùn rẹ̀ ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn tó bá hó tán, ẹ gbé ìkòkò sínú bàsíà omi tútù, kí ẹ máa rò ó títí á fi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí awọ má bàa dì, kí ẹ wá dé e kó lọ sínú fíríìjì. Ìkòkò tó kù, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rin ín, kì í ṣe omi gbígbóná, torí omi gbígbóná máa ń mú purotéènì lẹ̀ sí i. Bó bá jó díẹ̀, ẹ da omi sí i, ẹ sè é lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fi omorógùn ha á nígbà tó bá rọ̀. Ẹ má fi irin ha ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù, ojú ibi tí irin bá ha ni mílíìkì ọjọ́ mìíràn máa dì mú.