Ohun tí sẹ́ẹ̀lì T ń wá, ohun tí NK ń wá

“Ẹ jọ̀ọ́, bí sẹ́ẹ̀lì T bá ti lè pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì wọ̀, kí ni NK tún wà fún? Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ kan náà ni?”

Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ni T àti NK. Fáírọ́ọ̀sì héépìsì ló là mí lójú sí ọ̀rọ̀ wọn, torí láti kékeré ló ti ń yọ sí mi létè. Ojú ibẹ̀ á kọ́kọ́ máa yún mi, á máa ta mí. Kó tó pẹ́, ó ti lé ròrò, ó ti gba omi. Ìgbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ ìlera ni mo tó mọ ìjà tó ń lọ lábẹ́ awọ yẹn.

Sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ́kọ́ kó fáírọ́ọ̀sì náà máa ń tú prótéènì tí wọ́n ń pè ní intafẹ́rọ́ọ̀nù jáde láàárín wákàtí díẹ̀. Intafẹ́rọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ńṣe ló ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì ìtòsí lólobó, kí wọ́n lè dá prótéènì ṣíṣe dúró bí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé. Ó tún ń jẹ́ kí wọ́n gbé MHC, prótéènì kan tó máa ń wà lójú sẹ́ẹ̀lì, síta sí i, ó sì ń ta NK jí.

MHC yẹn ni kókó. Bí ọlọ́jà ṣe ń pàtẹ ọjà ni sẹ́ẹ̀lì ń fi MHC pàtẹ ègé prótéènì tó ń ṣe nínú. Sẹ́ẹ̀lì T apani, ìyẹn CD8, á wo àtẹ náà. Bó bá rí ègé fáírọ́ọ̀sì tó dá mọ̀, ó pa sẹ́ẹ̀lì náà nìyẹn. Héépìsì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní prótéènì kan, ICP47, tó ń dí TAP, ọ̀nà tí àwọn ègé yẹn ń gbà dé ọ̀dọ̀ MHC. MHC tí kò bá rí ègé gbé kì í sábà dé ojú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì T á kọjá lọ, kò rí nǹkan kan.

Ibẹ̀ gan-an ni NK ti wúlò. MHC ló máa ń dá NK lọ́wọ́ kọ́. Bí kò bá bá a níbẹ̀, tí àmì ìnira sì wà lára sẹ́ẹ̀lì náà, á fi páfórìn dá a lu, á sì ti gíránsáìmù wọ inú rẹ̀ kó lè kú. T ń pa nítorí ohun àjèjì tó rí. NK ń pa nítorí ohun tó yẹ kó wà tí kò sí. NK kò sì ní í dúró de T, tó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó pọ̀ tó nígbà àkọ́kọ́ tí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé.

Ní 1989, àwọn oníṣègùn kọ ìròyìn ọmọbìnrin kan tí kò ní NK. Àwọn fáírọ́ọ̀sì ẹbí héépìsì, títí kan èyí tó ń fa ṣíkínpọ́ọ̀sì, bá a jà gidigidi.

Àǹtíbọ́dì ńkọ́? Fáírọ́ọ̀sì tó wà níta sẹ́ẹ̀lì ló ń dì mú kó má bàa wọ òmíràn. Héépìsì tèmi wà nínú iṣan ìmọ̀lára ojú, níbi tí àǹtíbọ́dì kò ti lè lé e jáde. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi fi ń gbé IgG, irú àǹtíbọ́dì kan, jáde, tí ètè mi ṣì ń lé ròrò. Bẹ́ ẹ bá rí IgG héépìsì lára aláìsàn, ohun tó ń sọ ni pé fáírọ́ọ̀sì náà ti wọ ara rẹ̀ rí. Kò sọ pé ó ti kúrò.