Ó ń kàwé geere àmọ́ kò yé e: iṣẹ́ mẹ́rin inú gúrúùpù

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù la wà, ọmọ mi obìnrin wà ní Yíà Fáìfù. Ó ń kàwé geere, àmọ́ tí mo bá ní kí ló kà, kò ní rí nǹkan sọ. Tíṣà ní mẹ́rin mẹ́rin làwọn ń kó wọn jọ kàwé, kálukú níṣẹ́ tiẹ̀, ti ọmọ mi ni kó máa wá ọ̀rọ̀ tó le. Ṣé ìyẹn lè ràn án lọ́wọ́? Kí ni mo lè ṣe nílé?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ kú àmójútó ọmọ o. Mo máa ń ran tíṣà lọ́wọ́ ní kíláàsì níbí, irú ọmọ tẹ́ ẹ sọ yẹn gan-an sì ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe ọ̀nà ìkàwé yìí, tí wọ́n ń pè ní reciprocal teaching. Àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Annemarie Palincsar àti Ann Brown, ló gbé e jáde lọ́dún 1984, àwọn ọmọ tó lè pe ọ̀rọ̀ dáadáa àmọ́ tí ohun tí wọ́n kà kì í yé ni wọ́n bá ṣe é. Ọmọ tí kò tíì lè pe ọ̀rọ̀ inú ìwé, ìyẹn ò tíì kàn án.

Ohun tí mi ò fẹ́ ni bó ṣe jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo lọmọ yín ń ṣe. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á ka ìpínrọ̀ kan, ọmọ kan á di tíṣà, á bi àwọn yòókù ní ìbéèrè, á kó ọ̀rọ̀ náà pọ̀, á ṣàlàyé ibi tó ṣókùnkùn, á sọ ohun tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé e, ọmọ míì á wá gba ipò tíṣà ní ìpínrọ̀ tó kàn. Pípín iṣẹ́ mẹ́rin yìí fún ẹni mẹ́rin dáa fún kíkọ́ ọ, àmọ́ tí wọn ò bá ń pààrọ̀ ẹ̀, ọmọ á kàn máa wá ọ̀rọ̀ tó gùn jù, á wá jókòó. Ẹ bi tíṣà pé ìgbà wo ni wọ́n ń pààrọ̀.

Nílé, ẹ jókòó pẹ̀lú òun àtàwọn ọmọ míì tó bá wà, kẹ́ ẹ mú ìwé kékeré. Ká ní ìpínrọ̀ yìí ni: “Ọ̀rá ló wà nínú iké ràkúnmí. Ara ẹ̀ ló máa ń jẹ tí oúnjẹ bá wọ́n. Tó bá ti ń tán lọ, á rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.” Kí wọ́n tó kà á, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé ó wà nínú iké, ọ̀pọ̀ ọmọ á ní omi ni, ẹ fi í lẹ̀ kí ìwé fúnra ẹ̀ dá wọn lóhùn.

Ibi àlàyé ló máa ń ṣòro jù. Ẹ bi í pé kí ni kò yé e, á ní kò sí, torí pé ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà pè. Ẹ ní, “ibo ló lè dí ọmọ Yíà Tíríì lọ́wọ́?” Ẹ mú “tó bá ti ń tán lọ”: kí ló ń tán, kí ló sì ń rọ̀? Ọ̀rá ló ń tán, iké ló ń rọ̀, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àfi kó padà sókè kó tó rí i. Pípadà sókè yẹn gan-an lẹ fẹ́ kó mọ́ ọn lára.

Ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bi yín ni “kí ló wà nínú iké?”, ó kàn máa nàka sí i lójú ìwé ni. Ẹ jẹ́ kó bi í, kẹ́yin wá bi tiyín: “ràkúnmí méjì dúró, iké ọ̀kan le, ti èkejì wó, èwo ni ebi ti ń pa?” Ìyẹn ò sí nínú gbólóhùn kankan, wọ́n ní láti so ó pọ̀. Tó bá kan kíkó o pọ̀, á fẹ́ tún gbogbo ẹ̀ kà fún yín, ẹ ní gbólóhùn kan péré lẹ fẹ́: ọ̀rá inú iké ló ń gbé ràkúnmí tí oúnjẹ bá wọ́n. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyẹn, òun náà ló máa sọ pé, “omi wá ńkọ́?”, ohun tó rò pé ó ń bọ̀ nìyẹn, àtinú ìwé ló sì ti wá, kì í ṣe àbá lásán.

Níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀yin lẹ máa ṣe èyí tó pọ̀ jù, kẹ́ ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún nǹkan bí 20 ọjọ́ ni wọ́n fi ṣe é ní 1984. Ẹ̀yin á rí i pé ó ń wọlé tó bá ń dá kàwé tó dúró fúnra ẹ̀, tó padà sókè. Máàkì ìdánwò ìjọba lè má tètè fò sókè o: nígbà tí Rosenshine àti Meister kó ìwádìí 16 lórí ọ̀nà yìí jọ wò ní 1994, èrè tó hàn nínú ìdánwò táwọn olùwádìí fúnra wọn ṣe ju ti ìdánwò gbogbogbòò lọ.

Tí ìwé bá jẹ́ gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè fi Yorùbá jíròrò ẹ̀, kò ba nǹkan jẹ́.