Kálórì oúnjẹ àti wáàtì orí kẹ̀kẹ́ ìdárayá

"Bisikíìtì mi jẹ́ 300 kcal. Tí mo bá wa kẹ̀kẹ́ ìdárayá ní wáàtì 100, ìgbà wo ni màá jó o tán? Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ni mo rí."

Ẹ kú iṣẹ́. Ìyípadà yín tọ̀nà: kcal 1 jẹ́ júùlù 4,184, wáàtì-wákàtí 1 sì jẹ́ júùlù 3,600, nítorí náà 300 × 1.162 jẹ́ nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 349.

Ohun tí ẹ gbàgbé ni pé wáàtì 100 tó hàn lójú ẹ̀rọ jẹ́ kìkì èyí tó dé pẹ́dàlì. Nínú agbára tí ara ń jó, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló ń di iṣẹ́ níbẹ̀. Ìyókù ń di ooru, ìdí nìyẹn tí òógùn fi ń bo yín. Nínú 349 yẹn, bíi 87 ló máa dé pẹ́dàlì. Ẹ fi 100 pín in: wákàtí 0.87, ìyẹn ìṣẹ́jú 52. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún á parí ní ìṣẹ́jú 42, torí ara rẹ̀ ń jó oúnjẹ púpọ̀ sí i fún iṣẹ́ kan náà.

Bí ẹ̀rọ yín bá ń fi kJ iṣẹ́ hàn, ẹ kàn kà á bíi kcal tí ara jó. Wáàtì-wákàtí 87 jẹ́ kJ 313, ó sún mọ́ 300 gan-an.