Aṣọ ìpò ilẹ̀ Bùnú, àti ìdí tí ẹni tó gbọ́ Yorùbá fi lè ṣì í kà

*Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Kàbbà ni mo ti ń ṣe tíṣà. Mo fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àyọkà kan tó ní: "Ní Bùnú, bí ìjòyè ńlá bá kú, wọ́n á kó aṣọ ìpò jáde, aṣọ pupa tí àwọn obìnrin hun. Àwọn eégún náà a máa wọ̀ ọ́." Mo ṣàlàyé fún wọn pé oníṣàngó kan ló kú, tí wọ́n fi aṣọ pupa òrìṣà rẹ̀ sin ín. Àwọn ọmọ Bùnú inú wọn ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ni ìtumọ̀ aṣọ yìí? Kí ló sì dé tí èmi tí mo gbọ́ Yorùbá dáadáa fi ṣì í kà?*

Òkun o, tíṣà wa. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ kíkọ́. Òótọ́ ni àwọn ọmọ yẹn sọ, aṣọ ìpò kò bá Ṣàngó tan. Nílẹ̀ Bùnú, láàárín àwa Yorùbá Òkun ní ìhà Kàbbà, aṣọ ìsìnkú àwọn èèyàn ńlá ni, pàápàá àwọn olóyè, ó sì tún jẹ́ aṣọ eégún. Àwọn ìyá wa ló ń hun ún, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ni a ti ń rí i.

Pupa tó wà lára rẹ̀ ló gbé e níyì. Aró ni àwọn obìnrin ilẹ̀ wa fi ń pa òwú, dúdú àti búlúù ni aró sì ń mú jáde. Pupa tó mọ́lẹ̀, tí kò sì ní ṣí, ṣòro láti rí nínú ohun tó ń hù lóko. Nítorí náà, aṣọ pupa tí àwọn oníṣòwò kó wọ̀lú láti òkè òkun ni wọ́n máa ń tú, fọ́nrán kan tẹ̀ lé òmíràn, kí wọ́n tó fi òwú rẹ̀ hun ìpò. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti kọ́kọ́ ra odindi aṣọ, kó tú u ká, kó tún un hun. Ìdílé tó bá wá kó ìpò síta lọ́jọ́ òkú baba wọn ń fi han gbogbo ìlú pé àwọn ní owó, àwọn ní sùúrù, àwọn sì ní obìnrin tó mọ iṣẹ́. Bí ó sì ṣe jẹ́ pé irú aṣọ náà ni eégún ń wọ̀, ó ń so olóyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ pọ̀ mọ́ àwọn baba ńlá tó ti ń padà wá wo ọmọ wọn. Iṣẹ́ aṣọ náà nìyẹn. Òkú àti eégún ni kẹ́ ẹ máa wò pọ̀ bí ẹ bá gbọ́ ọ.

Ìbéèrè yín kejì ló wọ̀ mí lára jù, nítorí ìmọ̀ tí ẹ gbé wá láti ilé ràn yín lọ́wọ́ gan-an kó tó ṣì yín lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká tọ àyọkà náà lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ẹ ka "bí ìjòyè ńlá bá kú", ẹ ti mọ̀ pé òkú àgbà kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀, pé ìnáwó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ á sì fẹ́ kí ayé gbọ́. Kò yà yín lẹ́nu pé wọ́n kó aṣọ iyebíye jáde. Ẹni tó wá láti ibi tí ìsìnkú ti jẹ́ ẹkún nìkan á dúró níbẹ̀ pé kí ni aṣọ ń wá níbi òkú. Ẹ̀yin kò dúró. Nígbà tí ẹ dé ibi eégún, ẹ ti mọ̀ pé aṣọ lórí aṣọ ni ẹ̀kú eégún, pé láti ọwọ́ ìdílé ni wọ́n sì ti ń kó o jọ. Àyọkà náà kò sọ ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí fún yín. Ìmọ̀ yín ló dí àlàfo náà, ó sì dí i bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ tó ṣì yín lọ́nà ni "pupa". Ní Ọ̀yọ́, níbi tí Ṣàngó ti jọba, pupa ni aṣọ elégùn Ṣàngó, kò sì sí ọmọ Ọ̀yọ́ tó nílò kí wọ́n kọ́ ọ ní ìyẹn. Ìmọ̀ tòótọ́ ni. Bó ṣe jẹ́ òótọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ fura sí i. Bí ó bá jẹ́ irọ́ ni ẹ mọ̀, ibì kan á ti já a nínú ìrírí yín. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ òótọ́ ní ìlú rẹ̀ rìnrìn àjò wọ Bùnú, kò sì sí ẹni tó dá a dúró lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn tó wọlé tán, ó pa ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́lẹ̀. Àyọkà ní "tí àwọn obìnrin hun". Nínú àlàyé tí ẹ ṣe fún àwọn ọmọ, kò sí obìnrin, kò sí híhun, kò sì sí eégún. Mo gbà pé bí a bá dárúkọ híhun, òfì Ìséyìn ló ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ wa: ọkùnrin ló jókòó sídìí rẹ̀, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì ń jáde. Ní Bùnú, òfì náà dúró gbagidi, obìnrin ló jókòó síwájú rẹ̀ nínú ilé, fífẹ̀ ni aṣọ rẹ̀ ń jáde. Síbẹ̀, ẹ̀yin náà ní kíjìpá lọ́dọ̀ yín, iṣẹ́ obìnrin ni, lórí irú òfì tó dúró bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ tó lè gbà yín sílẹ̀ wà nínú ilé yín gan-an, àmọ́ Ṣàngó ti gba gbogbo àyè kó tó jáde.

Ká ní ọmọ Òkénè kan wà ní kíláàsì yẹn ńkọ́? Ẹ̀bìrà kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n obìnrin ló ń hun aṣọ lọ́dọ̀ wọn, lórí òfì tó dúró. Kò ní fo "tí àwọn obìnrin hun" kọjá. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí a máa ń rò pé bí èdè bá ti jọra, àṣà náà ti jọra nìyẹn. Àwa Òkun, láti Yàgbà dé Ọ̀wọ́rọ̀, ti jìyà ìrònú yìí lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé tó wá láti ìhà ìsàlẹ̀. Àlejò tí kò mọ ohunkóhun nípa Yorùbá á béèrè pé kí ni ìpò, kí ni eégún, kí ló dé tó jẹ́ pupa. Ẹni tó mọ̀ díẹ̀ tó sún mọ́ ọn ni kì í béèrè, torí kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣàjèjì sí i nínú ohun tó ń kà.

Àwọn onímọ̀ nípa ìwé kíkà ti dán irú èyí wò. Ní 1979, Margaret Steffensen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fi lẹ́tà méjì fún àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará Íńdíà kà, ọ̀kan lórí ìgbéyàwó ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èkejì lórí ti Íńdíà, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rántí. Oníkálukú tètè ka ti ilẹ̀ rẹ̀, ó sì rántí rẹ̀ jù. Nínú lẹ́tà Amẹ́ríkà, ìyàwó wọ aṣọ ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ àgbà. Ohun iyì ni ìyẹn lọ́dọ̀ wọn, ogún ìdílé ni. Òǹkàwé ará Íńdíà kan tún un sọ pé ìyàwó dára lójú, àfi pé aṣọ rẹ̀ ti gbó, ìgbà sì ti kọjá lórí rẹ̀. Kò ṣìnà nínú èdè náà. Ìmọ̀ ìgbéyàwó ilé rẹ̀, níbi tí aṣọ tuntun ti ń fi ipò ìdílé hàn, ló bá a ka gbólóhùn yẹn. Tiyín àti tirẹ̀, ọ̀nà kan náà ni.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ kó tó di pé ọmọ kíláàsì tọ́ ọ sọ́nà? Ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sọ ohun tí ẹ kà ní gbólóhùn kan tàbí méjì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá ṣí ìwé padà. Tiyín ni: "Oníṣàngó kan kú, wọ́n fi aṣọ pupa òrìṣà rẹ̀ sin ín." Ẹ fa ilà sídìí ohun tí kò sí nínú ìwé. "Oníṣàngó" kò sí níbẹ̀. "Òrìṣà" kò sí níbẹ̀. "Sin ín" pàápàá kò sí, "kó jáde" ni wọ́n kọ. Ẹ wá fa ilà sídìí ohun tó wà nínú ìwé tí ẹ kò mẹ́nu bà: obìnrin, híhun, eégún, àti orúkọ aṣọ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé fi kún un, ilé rẹ̀ ló ti gbé e wá. Ọ̀rọ̀ tó sì jábọ́ ni èyí tí kò rí àyè nínú ìtàn tó ti pinnu.

Kì í ṣe gbogbo àfikún ló burú o. Àyọkà yín kò sọ ìdí tí aṣọ náà fi pupa, òǹkàwé gbọ́dọ̀ méfò nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe sí ìméfò bẹ́ẹ̀ ni pé kí ẹ bi í léèrè: bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí ló tún yẹ kí n rí? Bí olóògbé bá jẹ́ oníṣàngó, ó yẹ ká rí bàtá, tàbí ẹdùn àrá, tàbí kí wọ́n dárúkọ mágbà. Kò sí ìkankan. Èyí tí a rí, ìyẹn eégún, kò ní ohun tó ń ṣe níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti Ṣàngó nìkan. Bí gbólóhùn kan bá wà tí kò rí iṣẹ́ ṣe nínú òye yín, òye náà ni kí ẹ tún yẹ̀ wò, ẹ má fo gbólóhùn náà.

Mo ní ohun kan tí ẹ lè fi dán kíláàsì yín wò. Nínú ìgbéyàwó àtijọ́ ní Bùnú, aṣọ dúdú tí a fọwọ́ hun ni ìyàwó ń wọ̀. Kí ẹ tó kọ gbólóhùn yìí sójú pátákó, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé ìgbà wo ni obìnrin máa ń wọ dúdú, kí ẹ kọ ìdáhùn wọn sápá kan. Opó ni ọ̀pọ̀ á dárúkọ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ka àyọkà, kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n sì sọ ọ́. Ẹ máa rí ẹni tó sọ ìyàwó di opó, ẹ máa rí ẹni tó yọ dúdú kúrò pátápátá, ẹ sì máa rí ẹni tó dúró béèrè.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ Bùnú rò pé àwọn ti bọ́ nínú rẹ̀, nítorí ilé tiwọn náà ń bá wọn kàwé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ fún wọn ní ti yín kà, nípa elégùn Ṣàngó tó wọ pupa jáde ní Ọ̀yọ́, kí ẹ sì fetí sílẹ̀ bóyá ẹnì kan á sọ pé olóyè kan ló kú.