Aṣọ polísítà, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti fọ́nrán ike tó ń bá omi lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ mi mẹ́ta máa ń wọ jẹ́sì àti súwẹ́tà polísítà lọ sí ilé ìwé, ọwọ́ ni mo sì fi ń fọ gbogbo rẹ̀. Mo ti tọ́jú owó díẹ̀ láti fi ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, àmọ́ mo gbọ́ pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń tú ike wẹ́wẹ́ sínú omi, pé ẹ̀rọ sì ń dá kún un. Ṣé òótọ́ ni? Bí mo bá máa rà á, irú èwo ni kí n rà, báwo ni kí n sì ṣe máa lò ó? (Òǹkàwé kan, Ṣómólú, Èkó)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, mà. Ike ni polísítà. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fà á di fọ́nrán tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, wọ́n á wá fi fọ́nrán náà hun aṣọ. Bí aṣọ bá ń fara gbo aṣọ nínú omi, àwọn fọ́nrán kan á já, àwọn mìíràn tí kò dì mọ́ra dáadáa á yọ, gbogbo wọn á sì bá omi lọ. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò ohun tó ń jáde lára aṣọ kìló mẹ́fà tí ẹ̀rọ fọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti àkírílíìkì lé ní 700,000 fọ́nrán, ti polísítà súnmọ́ 500,000, ti aṣọ tí wọ́n fi òwú lú polísítà sì jẹ́ nǹkan bíi 138,000.

Ní Èkó, inú gọ́tà ni omi ìfọṣọ púpọ̀ ń gbà lọ sínú kánàálì, ó di inú Ọ̀sà. Polísítà wúwo ju omi lọ, nítorí náà kì í léfòó pẹ́ títí bíi ọ̀rá omi mímu. Ó máa ń rì sísàlẹ̀, níbi tí edé àti akàn ti ń wá oúnjẹ. Kì í jẹrà bí òwú ṣe ń jẹrà, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí á dín in kù láti inú ilé, kó tó dé gọ́tà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ọwọ́ tí ẹ ń fi fọ aṣọ dára ju ẹ̀rọ lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn olùwádìí kan ní Hangzhou, nílẹ̀ Ṣáínà, gbé ìwádìí jáde ní 2023: aṣọ polísítà tí wọ́n fi ọwọ́ fọ̀ tú nǹkan bíi 1,850 fọ́nrán sílẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ fọ̀ sì tú nǹkan bíi 23,700. Ọṣẹ àti pákó ìfọṣọ máa ń mú ti ọwọ́ pọ̀ sí i, síbẹ̀ kò tó ti ẹ̀rọ. Nítorí náà, kódà bí ẹ bá ra ẹ̀rọ, ẹ ṣì lè máa fi ọwọ́ fọ súwẹ́tà onírun múlọ́múlọ́, nítorí irú wọn ló ń já jù. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ títí ìdọ̀tí yóò fi rọ̀, kí ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á.

Ní ti ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú ni kí ẹ rà bí owó bá ká a. Ní 2016, Yunifásítì California ní Santa Barbara fọ jákẹ́ẹ̀tì polísítà nínú oríṣi ẹ̀rọ méjèèjì. Fọ́nrán tó jáde nínú èyí tí a ń ti òkè kó aṣọ sí wúwo tó ìlọ́po méje ti onílẹ̀kùn iwájú. Ẹ̀rọ ti òkè máa ń kún fún omi, ohun kan sì wà láàárín rẹ̀ tó ń fi agbára ro aṣọ. Onílẹ̀kùn iwájú kì í lo omi púpọ̀. Ńṣe ló ń gbé aṣọ sókè tó sì ń jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ ga, mo sì mọ̀ pé ó nílò omi ẹ̀rọ tó ń sáré dáadáa àti iná tí kì í ṣẹ́jú. Bí àwọn nǹkan wọ̀nyí kò bá sí ní àdúgbò yín, ẹ má torí fọ́nrán ra ohun tí kò ní ṣiṣẹ́.

Ẹ óò rí bọ́tìnì kan tí wọ́n kọ Delicate sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èyí ló yẹ fún polísítà nítorí pé ó ń fọ aṣọ jẹ́jẹ́. Ẹ má lò ó fún jẹ́sì. Ní 2019, Yunifásítì Newcastle rí i pé irú ìfọ̀ yìí, nítorí omi púpọ̀ tó ń lò, ń tú tó 800,000 fọ́nrán sílẹ̀ ju ìfọ̀ gbogbogbòò lọ. Bí omi bá ṣe pọ̀ sí i fún ìwọ̀nba aṣọ kan náà ni fọ́nrán ṣe ń já sí i. Agbára tí ẹ̀rọ fi ń yí kọ́ ló fa á jù.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilé yín ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní jẹ́sì mẹ́fà àti súwẹ́tà mẹ́ta wà nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ kìló méjì ààbọ̀, ẹ̀rọ yín sì ń gba kìló méje. Bí ẹ bá fọ ìwọ̀nba yẹn nìkan, omi á pọ̀ jù fún un. Ẹ dúró kí aṣọ pọ̀, tàbí kí ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì àti aṣọ ibùsùn kún un títí yóò fi ku bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kí ihò ẹ̀rọ tó kún. Ẹ ya jín-ìn-sì onísíìpù sọ́tọ̀, nítorí ó ń ha jẹ́sì. Lẹ́yìn náà, ẹ lo omi tútù àti ìfọ̀ kúkúrú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nínú ìwádìí kan tí Yunifásítì Northumbria ṣe ní 2020, ìfọ̀ kúkúrú inú omi tútù dín fọ́nrán kù ní nǹkan bíi ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún sí ti omi gbígbóná tó gba ìṣẹ́jú 85. Jẹ́sì tó wà lára ọmọ fún wákàtí díẹ̀ kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rẹ ibẹ̀.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ẹ̀rọ àwọn ti ní àsẹ́. Àsẹ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, bọ́tìnì àti owó wẹ́wẹ́ ló wà fún. Fọ́nrán á gba inú rẹ̀ kọjá. Àpò àwọ̀n inú ẹ̀rọ ti òkè ń mú díẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí púpọ̀ lọ. Ohun tó ń mú un gan-an ni àsẹ́ ara ògiri tí a so mọ́ páìpù tí omi ìfọṣọ ń gbà jáde, tàbí àpò àwọ̀n kíkí tí a ń kó aṣọ sí kó tó wọ ẹ̀rọ. Plymouth dán irú wọn mẹ́fà wò ní 2020: èyí tó mú jù nínú àsẹ́ dí 78 lọ́nà nínú ọgọ́rùn-ún, àpò kan dí 54, bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń jù sáàárín aṣọ sì dí 31 péré. Bí ẹ bá rí àpò rà, jẹ́sì tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ lò ó fún, nítorí ìfọ̀ àkọ́kọ́ díẹ̀ ló ń tú fọ́nrán jáde jù.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ ta áńkáṣíìfù funfun sórí garawa, kí ẹ da omi tí ẹ fi fọ súwẹ́tà dúdú gba orí rẹ̀. Ẹ óò rí irun dúdú wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó kéré jù á ti kọjá.

Ìdọ̀tí tó bá kó sínú àpò tàbí àsẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ọwọ́ ṣà á, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá kó bá ìdọ̀tí tí wọ́n ń wá kó lọ. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ ṣan àpò náà, nítorí fọ́nrán tí ẹ mú á tún padà sínú gọ́tà. Ẹ má sì dáná sun ún, ike ni, èéfín rẹ̀ kò dára fún àwọn ọmọ.