Lípístíìkì àti fáùndéṣọ̀n lára kọ́là: epo ni kí ẹ kọ́kọ́ lé jáde

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lípístíìkì pupa kan kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọkọ mi, fáùndéṣọ̀n mi náà sì fa ìlà ràkọ̀ràkọ̀ sí ibi tí kọ́là ti ṣẹ́ po. Mo da omi gbígbóná sí i, mo fi ọṣẹ bó o, ńṣe ni pupa yẹn ràn tó di píǹkì. Àpò ìrọ̀rí wa náà kò gbẹ́yìn. Ṣé kí n kúkú rẹ gbogbo rẹ̀ sínú bílíìṣì ni?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má tíì mú bílíìṣì. Ẹ má sì lọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ẹ má jẹ́ kó wọ ẹ̀rọ tí ń fi ooru gbẹ aṣọ, títí àmì yẹn yóò fi kúrò pátá. Níwọ̀n ìgbà tí áyọ́ọ̀nù kò bá tíì kàn án, ìrètí pọ̀ níbẹ̀.

Ìda àti òróró ló pọ̀ jù nínú lípístíìkì, àwọ̀ ni wọ́n pò mọ́ ọn. Omi òun epo kì í rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ ìfọṣọ lásán fi ń yọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Omi gbígbóná tí ẹ dà sí i ti yọ́ ìda náà, ìda tó yọ́ sì gbé àwọ̀ wọ inú okùn aṣọ lọ. Píǹkì tí ẹ ń rí yìí kì í ṣe àbàwọ́n tuntun, pupa àkọ́kọ́ yẹn ló tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Fáùndéṣọ̀n ní tirẹ̀ jẹ́ òróró tàbí sílíkónì tí wọ́n po ìyẹ̀fun aláwọ̀ mọ́. Ìpẹtà irin tí wọ́n lọ̀ kúnná ló ń fún ìyẹ̀fun náà ní àwọ̀ ara ènìyàn, ìyẹn irú nǹkan kan náà tó máa ń hù lára ìṣó tí omi bá kàn. Bílíìṣì kò rí nǹkan kan ṣe sí ìpẹtà. Okùn òwú aṣọ ni yóò máa jẹ, àmì náà yóò sì jókòó síbi tó wà.

Nítorí náà, epo ni kí ẹ kọ́kọ́ lé jáde, kí ẹ tó bá àwọ̀ wí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ yóò fọ aṣọ náà títí yóò fi gbó.

Orí kọ́là ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀tì náà gbẹ dáadáa ní ibòòji, nítorí pé omi tó wà nínú okùn aṣọ kì í jẹ́ kí sípíríìtì ráyè wọlé. Ẹ wá sípíríìtì aláìláwọ̀ irú èyí tí wọ́n fi ń nu ara kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́, òwú, àkísà funfun mélòó kan, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀. Àkísà náà gbọ́dọ̀ funfun, torí òun ni yóò máa sọ fún yín bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ẹ kọ́kọ́ kán sípíríìtì díẹ̀ sí etí ìsàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀tì, níbi tí ṣòkòtò máa ń bò, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ fi òwú tẹ̀ ẹ́ wò. Bí òwú bá mú àwọ̀ aṣọ fúnra rẹ̀, ẹ fi sípíríìtì sílẹ̀, ọṣẹ abọ́ nìkan ni kí ẹ lò. Lórí aṣọ funfun, kì í sábà sí wàhálà.

Ẹ tú kọ́là sílẹ̀ kó tẹ́jú, kí ẹ da ojú ibi tó ní àmì dé orí àkísà funfun. Ẹ fi sípíríìtì rin òwú díẹ̀, kó má kán tótó, kí ẹ wá máa fi tẹ ẹ̀yìn àmì náà. Láti etí ni kí ẹ ti máa bọ̀ wá sí àárín, kí ó má baà tún ràn. Ṣe ni kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ má ra á. Bí a bá ń ra á, a tún ń ti ìda wọ inú okùn ni, a sì ń hú ìrun aṣọ sókè. Lẹ́yìn bí ìtẹ̀ mẹ́wàá, ẹ gbé kọ́là sókè: ẹ ó rí i pé píǹkì ti sọ̀ sórí àkísà. Ẹ sún un sí ibi tó mọ́, kí ẹ tún máa tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé ìsún yìí, wọ́n á wá máa tẹ àwọ̀ tó ti jáde padà sínú aṣọ. Nígbà tí àkísà kò bá gba àwọ̀ kankan mọ́, sípíríìtì ti ṣe èyí tó lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa kọ́là tí kò sí lára àpò ìrọ̀rí. Inú kọ́là ni gọ́ọ̀mù sìtéè wà, aṣọ líle tí télọ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn kí kọ́là lè dúró. Bí ẹ bá da sípíríìtì sí i tó rin gbingbin, gọ́ọ̀mù yẹn lè ṣí, kọ́là yóò wá wú bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, kò sì ní tẹ́ mọ́ bí ẹ bá lọ ọ́. Ìdí tí mo fi ní kí òwú má kán nìyẹn. Sípíríìtì tún máa ń gbaná kíákíá: ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ẹ má sì jẹ́ kí òun àti bílíìṣì pàdé láéláé, èéfín tó lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe ló máa ń ti ibẹ̀ jáde.

Ọṣẹ abọ́ ló kàn báyìí, òun gan-an ni alágbára ibẹ̀, torí pé nítorí epo ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ jẹ́ kí sípíríìtì gbẹ kúrò ná. Ẹ wá fi ìdajì ṣíbí kékeré ọṣẹ náà sí orí àmì, láìfi omi sí i. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ọ̀nà kan ṣoṣo, bí okùn aṣọ ṣe tò. Ibi tí kọ́là ti ṣẹ́ po ni kí ẹ ti dúró pẹ́ jù, torí fáùndéṣọ̀n àti òógùn máa ń kóra jọ síbẹ̀ ní ìpele-ìpele. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ kán omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ẹ̀kán bíi mélòó kan, kí ẹ tún gbá a. Bí ìfófòó rẹ̀ bá yí padà tó wá dà bí mílíìkì, tó tún ní àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀, epo ti ń jáde, ó sì ń kó ìyẹ̀fun fáùndéṣọ̀n bọ̀. Ẹ wá yí ẹ̀yìn àmì náà sí abẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn, kí omi lè ti ìdọ̀tí padà gba ojú tó gbà wọlé. Bí kò bá mọ́ tán, ẹ tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kì í ṣe nǹkan bàbàrà fún èyí tí omi gbígbóná ti kàn.

Ẹ má fi aṣọ tútù dájọ́ o. Omi máa ń bo àmì epo mọ́lẹ̀, aṣọ á gbẹ tán, ó á tún yọjú. Ẹ sá a sí ibòòji kó gbẹ, kí ẹ wá kán omi kan ṣoṣo sí ojú ibẹ̀. Bí omi náà bá ṣù rogodo tí kò tètè wọlé, tó sì jẹ́ pé ó ń wọlé kíá lára ibòmíràn lórí ṣẹ́ẹ̀tì kan náà, epo tàbí sílíkónì ṣì kù níbẹ̀. Ẹ padà sí ọṣẹ abọ́.

Bí omi bá wọlé dáadáa ṣùgbọ́n tí òjìji píǹkì ṣì kù, epo ti tán, aró ló kù. Ìgbà yìí ni oògùn àwọ̀ tó wúlò, bílíìṣì ọ́síjìn sì ni mò ń wí, kì í ṣe èyí tó ń rùn bí omi odò ìlúwẹ̀ẹ́. Fún kọ́tìnì funfun tàbí èyí tí wọ́n pò mọ́ pọlíẹ́sítà, ẹ po ṣíbí ìjẹun 2 mọ́ lítà 4 omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó yọ́ tán kí aṣọ tó wọ ibẹ̀, kí ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 4, kí ẹ wá fọ̀ ọ́ bí ẹ ti ń fọ aṣọ. Bí èyí tó kù bá jẹ́ ràkọ̀ràkọ̀ dípò píǹkì, ẹ má wulẹ̀ rẹ ẹ́: ìpẹtà irin nìyẹn, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì nìkan ló lè gbé e jáde.

Àpò ìrọ̀rí yàtọ̀ díẹ̀. Kò sí gọ́ọ̀mù sìtéè nínú rẹ̀, àmì rẹ̀ sì máa ń tẹ́ rẹrẹ dípò kó dúró lójú kan, torí pé ojú tí a fi sùn ń yí lórí rẹ̀ láti alẹ́ di òwúrọ̀, tòun ti ìpara àti òróró irun. Ẹ má fi sípíríìtì da ara yín láàmú lórí rẹ̀, àyàfi ibi tí lípístíìkì bá ti hàn ketekete. Ẹ fi ṣíbí kékeré 1 ọṣẹ abọ́ pa gbogbo ojú tó ní àmì nígbà tó ṣì gbẹ, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìlàjì wákàtí, kí ẹ tó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọṣọ tó ní énsáìmù nínú omi bíi dígírì 40. Ọ̀kan nínú àwọn énsáìmù tí wọ́n máa ń fi sí irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ wà fún ọ̀rá gan-an. Pọlíẹ́sítà máa ń di epo mú ju kọ́tìnì lọ. Nítorí náà, bí àpò náà bá jẹ́ pọlíẹ́sítà, ẹ jẹ́ kí ọṣẹ abọ́ pẹ́ lára rẹ̀ fún wákàtí kan.

Ẹ yẹ lébẹ́lì àpò ìrọ̀rí tó ń dán wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Sátíìnì jẹ́ orúkọ ọnà tí wọ́n gbà hun ún, ó lè jẹ́ pọlíẹ́sítà, ó sì lè jẹ́ sílíìkì. Bó bá jẹ́ pọlíẹ́sítà, ẹ ṣe é bí mo ti wí. Bó bá jẹ́ sílíìkì, gbogbo ìlànà yí padà: purotéènì ni okùn sílíìkì, énsáìmù kan nínú ọṣẹ ìfọṣọ lè jẹ ẹ́, bílíìṣì ọ́síjìn sì lè ba dídán rẹ̀ jẹ́. Ọṣẹ ìfọrun díẹ̀ nínú omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, láìlo búrọ́ọ̀ṣì, láìfún un.

Bí ẹ bá ti tún ọṣẹ abọ́ ṣe nígbà mẹ́ta tí àmì kò sì sún kúrò ní ibi tó wà mọ́, ẹ gbé e fún alágbàfọ̀ tó ń fọ aṣọ láìlo omi, kí ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti fi sí i fún un, títí kan omi gbígbóná yẹn. Ohun tí aṣọ ti gbà sára ni yóò fi mọ èyí tí òun yóò lò.