Tí oṣù tó kọjá bá jẹ́ òdo ńkọ́?

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń bá ṣọ́ọ̀bù aṣọ òfì kan ṣe ìwé ní Ọjà Ọba, Ìlọrin. Mo ń fi Excel wo iye tí ọjà fi ń lọ sókè lóṣooṣù, ṣùgbọ́n #DIV/0! ló ń gbé jáde níbi tí oṣù tó kọjá bá jẹ́ òdo tàbí tó ṣófo. Ẹnìkan ní kí n fi IFERROR sọ ọ́ di 0%. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?*

Àbúrò mi, kò dáa. Ká ní ẹ ò ta sányán kankan ní oṣù Kẹfà, ẹ wá ta ti 90,000 náírà ní oṣù Keje. 0% á sọ fún ọ̀gá yín pé ọjà ò kúrò lójú kan. Irọ́ gbáà! A kì í fi òdo pín nǹkan, torí náà ọ̀rọ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà.

Àlàfo tún yàtọ̀ sí òdo. Òdo ni pé ẹ kà á, ẹ ò sì tà. Àlàfo ni pé ẹnikẹ́ni ò tíì kọ ọ́. Excel kì í mọ ìyẹn: tó bá ń ṣírò, òdo ló ń ka àlàfo sí. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í tiẹ̀ pariwo. Tí oṣù Keje bá ṣófo, wàá rí -100%, bí ẹni pé ọjà ti kú, nígbà tó jẹ́ pé akọ̀wé ni kò tíì dé.

Tí oṣù Kẹfà bá wà ní B, tí Keje wà ní C, kọ èyí sí D2, kí o fà á wá sísàlẹ̀, kí o wá tẹ àmì %:

```
=IF(COUNT(B2:C2)<2,"",IF(B2=0,IF(C2=0,0,"Láti òdo"),C2/B2-1))
```

Nọ́ńbà nìkan ni COUNT ń kà. Tí kò bá pé méjì, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kódà bí ẹnìkan bá tẹ "-", kò ní fún ọ ní #VALUE!. Ewu tirẹ̀ ni pé tí wọ́n bá tẹ "180,000k", ọ̀rọ̀ ni Excel máa kà á sí, ìlà yẹn á sì dákẹ́. Wo ibi tó fara tì: nọ́ńbà máa ń fara ti ọ̀tún, ọ̀rọ̀ máa ń fara ti òsì, àfi tí ẹnìkan bá ti fọwọ́ yí i padà.

Ìlà àpapọ̀ ni kí o ṣọ́ra fún jù. Etù kúrò ní 180,000 sí 225,000, ìyẹn 25%. Sányán kúrò ní òdo sí 90,000. Àlàárì ṣófo ní oṣù Kẹfà, ó sì jẹ́ 60,000 ní Keje. Tí o bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 180,000 di 375,000, wàá sì rí 108%. Ṣùgbọ́n o ò mọ iye àlàárì tí ẹ tà ní oṣù Kẹfà. Yọ ọ́ kúrò nínú oṣù méjèèjì: 180,000 di 315,000, ìyẹn 75%. Fi sányán sílẹ̀ níbẹ̀ ní tirẹ̀, torí òdo tirẹ̀, ẹ kà á.